Ẹ̀dà ni, ìbejì ni, àbí àfòmọ́?

Olùkọ́ tó béèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe sórí láputọ́ọ̀pù wọn nílé kí a tó pàdé fún iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láputọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni mo pè ní "ẹ̀rọ onílé", Ubuntu Server tí wọ́n máa gbé sínú VirtualBox, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ nínú òmíràn, ni mo pè ní "ẹ̀rọ àlejò". Níbi tí ojú ẹ̀rọ ti kọ Clone, mo ní "ẹ ṣe ẹ̀dà àlejò náà". Níbi Take, lábẹ́ Snapshots, tó ń pa ipò ẹ̀rọ mọ́ kí a lè padà sí i, mo ní "ẹ ya àwòrán rẹ̀". Ṣé ó yé ènìyàn, àbí mò ń da ọ̀rọ̀ rú?

Atúmọ̀ àgbà

Onílé àti àlejò dùn mọ́ mi. Ohun tí onílé bá bù fún àlejò ló máa jẹ: bí láputọ́ọ̀pù bá ní gígì mẹ́jọ ráàmù, tí ẹ bu méjì fún àlejò, mẹ́fà ló kù sínú ìkòkò nígbà tí àlejò bá wà lójú iṣẹ́. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ni, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n ń dáná.

"Ẹ̀dà" ni mi ò fara mọ́. Fọ́tókọ́pì lọ́rọ̀ yẹn ń mú wá sọ́kàn mi. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà ìwé, inú fáìlì ló ń fi í pamọ́ sí, kì í rán an níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kejì yìí máa dìde, á máa bá èkínní sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọmọ wa kì í fi àmì ohùn sí ohun tí wọ́n bá tẹ̀, ẹ̀dà á sì di ẹ̀dá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ pè é ní ìbejì. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí ìbejì jẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ HND

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ "ya àwòrán". Ní sáà tó kọjá, irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ká ya àwòrán ẹ̀rọ ká tó fọwọ́ kan ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo gbé fóònù, mo ya ojú kọ̀ǹpútà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì. Nígbà tí mo wá ba fáìlì inú /etc/netplan jẹ́, tí ẹ̀rọ kò gba àdírẹ́sì kankan mọ́, olùkọ́ wa ní kí n padà sí àwòrán tí mo yà. Mo ṣí fóònù mi.

Ní ti ìbejì, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi pé Bàbá tọ̀nà. Ẹ̀rọ méjèèjì tí mo ṣe, 10.0.2.15 ni àdírẹ́sì wọn. Wọ́n jọ ara wọn dé ibẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè rí ara wọn.

Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ní Mánṣẹ́sítà

Àbúrò, ọ̀rọ̀ fóònù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kí gbogbo olùkọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n 10.0.2.15 kì í ṣe ẹ̀rí ìbejì o. Ká ní o ò tiẹ̀ ṣe Clone, ká ní o gbé Ubuntu méjì kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 10.0.2.15 náà lo máa rí nínú méjèèjì. Bí VirtualBox ṣe ń ṣe NAT, ọ̀nà tó ń gbà so àlejò mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, nìyẹn: yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, 10.0.2.2 ni aṣọ́nà tó ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Aṣọ́nà náà á gbé ìbéèrè jáde lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sì gba èsì rẹ̀ wọlé, àmọ́ kò sí fèrèsé láàárín yàrá méjì. Nítorí náà wọn ò lè rí ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jọra tàbí wọn ò jọra.

Ohun tó ń ṣe fèrèsé ni káàdì kejì. Nínú Settings, Network, Adapter 2, ẹ yan Host-only Adapter. Ẹ so ó mọ́ ọn kí ẹ tó fi Ubuntu sí i, torí bí káàdì bá dé lẹ́yìn tí Ubuntu ti wọlé, káàdì náà, tí Ubuntu ń pè ní enp0s8, á wà níbẹ̀ lásán láìní àdírẹ́sì, àfi tí ẹ bá tún lọ kọ ọ́ sínú netplan. Bí ẹ ò bá yí ètò padà, 192.168.56.1 ni onílé ń jẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, àwọn àlejò á sì bẹ̀rẹ̀ láti 192.168.56.101 lọ sókè.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ìbejì wà. Mo ti rí i níbi iṣẹ́ mi, mo sì ti rí i nílé nígbà tí mò ń kọ́ àbúrò ọkọ mi. Ó ṣe Clone, ó sì yan Generate new MAC addresses for all network adapters bí mo ṣe ní kó ṣe. MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì, yàtọ̀ nínú méjèèjì lóòótọ́: 08:00:27 tí gbogbo ẹ̀rọ VirtualBox fi ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n jọ ní bí oríkì ìdílé, ìyókù yàtọ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì gba 192.168.56.101.

Ohun tó fà á ni pé Ubuntu Server kì í fi MAC nìkan béèrè àdírẹ́sì. Nọ́ńbà kan wà nínú /etc/machine-id tí ẹ̀rọ ń dá fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Inú nọ́ńbà yẹn ló ti ń yọ orúkọ tó ń fi pe ara rẹ̀ níwájú ẹni tó ń pín àdírẹ́sì. Clone kó nọ́ńbà náà dání. Ẹ̀rọ kejì dé, ó dárúkọ èkínní, apín-àdírẹ́sì ní "àṣé ìwọ náà ni", ó tún fi àdírẹ́sì kan náà lé e lọ́wọ́.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò jọ àṣìṣe. Ọmọ náà lọ sínú ẹ̀rọ kìíní, ó fi ping pe 192.168.56.101, èsì ń dé wọ̀ọ́rọ̀wọ́, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Inú rẹ̀ dùn. Ara rẹ̀ ló ń pè! Ẹ wo iye àkókò tó wà nínú èsì náà:

```
64 bytes from 192.168.56.101: icmp_seq=1 ttl=64 time=0.031 ms
```

Láàárín ẹ̀rọ méjì lórí láputọ́ọ̀pù tèmi, iye yẹn sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbára lé nọ́ńbà, ẹ pa ẹ̀rọ kejì, kí ẹ tún ping. Bí èsì bá ṣì ń wá, ẹ ti mọ ẹni tó ń dáhùn.

Oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà

Ẹ má bínú, mo rò pé àlejò tí ẹ ń sọ ni àwọn oníbàárà tó ń wá lo wáífáì. Mo ti ń kọ èsì gígùn kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ VirtualBox ni. Tèmi kò tiẹ̀ gbà kí àlejò wọlé. Ó ní "VT-x is disabled in the BIOS for all CPU modes". Mo ti yọ VirtualBox, mo tún un gbé wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, dátà mi ló ń tán.

Olùkọ́ tó béèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi VirtualBox sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Ẹ pa láputọ́ọ̀pù, bó bá ń tàn ẹ tẹ F2 tàbí F10 tàbí Del (olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ní tirẹ̀), kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ Virtualization Technology, ẹ sọ ọ́ di Enabled, kí ẹ sì fi í pamọ́ kí ẹ tó jáde. Lórí èyí tí ọkàn rẹ̀ jẹ́ ti AMD, SVM ni wọ́n máa ń kọ. Màá fi í sí ìpínrọ̀ kìíní ìwé mi.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Mánṣẹ́sítà ti yí ọkàn mi padà. Mo ti ń rò pé ọ̀rọ̀ tó bá dùn létí náà ni ká mú. Mo wá rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ tí mo bá mú ló máa sọ fún ọmọ bóyá iṣẹ́ ṣì kù lẹ́yìn Clone. "Ẹ̀dà" kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bí ìbejì, wọ́n ń sọ wọ́n lórúkọ. Mo lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ṣe ìbejì àlejò náà, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ lórúkọ", kí n sì fi ìwọ̀nyí sábẹ́ rẹ̀, nínú ẹ̀rọ kejì nìkan:

```
sudo hostnamectl set-hostname kehinde
sudo truncate -s 0 /etc/machine-id
sudo reboot
```

Bí ẹ̀rọ bá tún tàn, tó bá machine-id lófìfo, á dá òmíràn fún ara rẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ní Mánṣẹ́sítà

Ó dáa. Ẹ kàn ní kí wọ́n fi `ls -l` wo /var/lib/dbus/machine-id ṣáájú. Bó bá ń nawọ́ sí ti /etc, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ fáìlì tó dá dúró, inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ á tún ti kó nọ́ńbà àtijọ́ padà.

Mo tún ní àtakò kékeré sí ìbejì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń bí ìbejì, ìkankan kì í gbé orí èkejì. Clone oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Full clone ní dísíìkì tirẹ̀, ẹ lè pe ìyẹn ní ìbejì. Linked clone kò ní tirẹ̀ tán: ohun tó bá yí padà nìkan ló ń kọ sílẹ̀, ìyókù, ara dísíìkì ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló ti ń kà á. Kò gba àyè, kíá ló sì ń parí, ìyẹn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń yàn án. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé fólídà ẹ̀rọ kejì nìkan sórí fíláàṣì lọ sílé ẹ̀kọ́, kò ní dìde. Ìbejì wo nìyẹn?

Atúmọ̀ àgbà

Ìyẹn kì í ṣe ìbejì, àfòmọ́ ni. Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Ẹ gé igi, àfòmọ́ kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ HND

Bàbá, ṣé kì í ṣe àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àfòmọ́ àárín tí wọ́n kọ́ wa nínú gírámà nìyẹn? Ẹlòmíràn á rò pé kíláàsì Yorùbá ló wà.

Atúmọ̀ àgbà

Àwọn onígírámà náà, orí igi ni wọ́n ti já a. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n nìkan jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá olùkọ́ jà bó bá kọ "ìbejì tó dá dúró" àti "ìbejì tó gbára lé èkínní".

Ní ti "ya àwòrán", "ibùpadà" ni mo rò: ibi tí a lè padà sí, bí ibùsùn ṣe jẹ́ ibi tí a ń sùn.

Olùkọ́ tó béèrè

Ibùpadà dára, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ á máa wá ibì kan lójú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ojú ẹ̀rọ sì kọ Take. Mo lè ní "ẹ tẹ Take láti fi ibùpadà sílẹ̀, ẹ pè é ní ṣáájú-iṣẹ́". Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ní Mánṣẹ́sítà

Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá padà síbẹ̀ máa pàdánù gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, "ibùpadà" kò sì kìlọ̀ ìyẹn fún un. Ẹ jẹ́ kí n sùn lé e lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ HND

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so káàdì kejì mọ́ àwọn ẹ̀rọ mi àtijọ́ ni, mo sì kọ ọ́ sínú netplan. Méjèèjì gba .101. Mo ping, ó ń dáhùn. Mo pa ẹ̀rọ kejì, ó ṣì ń dáhùn.