«Ìgbífesókè» ni àbí kíkì? Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì fún ìyá tó pé àádọ́rin ọdún

Ìbéèrè, láti Ìbàdàn: Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi yóò pé àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì kí gbogbo èèyàn tó gbé ife sókè. «Ìgbífesókè» ni mo kọ sórí ìwé ètò. Ṣé ó dáa? Báwo ni kí n ṣe to ọ̀rọ̀ náà?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́: Kò dáa rárá. Ibo lẹ ti gbọ́ «gbífe»? «i» orí ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń jábọ́: gbé ilé, gbélé, gé igi, gégi, kọ́ ilé, kọ́lé. «Gbéfe» ni ì bá jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, kò sọ ti ẹnu. Ká tó ṣẹ́jú, a ti gbé ife. Ọ̀rọ̀ ló ń gba àkókò. Kí ni ọmọ ń ṣe fún ìyá níbẹ̀? Ó ń kì í ni. Ẹ wo ohùn yẹn dáadáa. Ẹni tó pàdé ìyá yín lọ́nà lè kí i. Ọmọ rẹ̀ ló ń kì í. Àní ohùn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e gan-an yí padà. Ìyá tó bí mi kò jẹ́ kí a fi ọ̀kan pe èkejì.

Oníṣòwò, Abẹ́òkúta: Ti nọ́ńbà ni kí ẹ ṣọ́ o! Nígbà tí màmá mi pé 75, «àrùndínlọ́gọ́rùn-ún» ni ẹni tó bá wa tẹ bánà kọ sí i dípò «àrùndínlọ́gọ́rin». Ogún ọdún gbáko ló fi lé ọjọ́ orí ìyá mi! Wọn ò jẹ́ kí a gbé e kọ́.

Olùkọ́, Ọ̀yọ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn. Ọmọ mi, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ rántí nípa màmá fún wa.

Ìbàdàn: Epo pupa ni wọ́n ń tà ní Bódìjà, etí ìró ni wọ́n ń so owó mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tú owó fún mi lọ́jọ́ tí ilé-ìwé lé mi wálé, tí ojú epo ara rẹ̀ ń tì mí. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì wọn.

Olùkọ́, Ọ̀yọ́: Ó ti tó. Ẹ má kí àwọn àlejò pàtàkì, alága ìjókòó ti ṣe ìyẹn. Ẹ má ka ogún oore sílẹ̀ bí ẹni ń ka ọjà. Ọ̀kan péré, kí wọ́n rí i. Ẹ fi ife sórí tábìlì kí ẹ tó kúnlẹ̀. Báyìí:

«Ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́, mo kúnlẹ̀ o. Ọjọ́ tí wọ́n lé mi wálé nítorí owó ilé-ìwé, ẹ ò bú mi, ẹ ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ tú etí ìró yín, ẹ ka owó náà sí mi lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń rùn epo. Ojú tì mí láti gbé e fún akọ̀wé. Lónìí, ojú ò tì mí mọ́. Mo dúpẹ́ owó elépo yẹn, mà. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi gbé ife: ọgọ́rin ọdún á bá Àbẹ̀kẹ́ láyọ̀!»

Ẹ fi oríkì orílẹ̀ wọn sí i lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Bí ẹkún bá gbọ̀n yín níbi owó yẹn, ẹ dákẹ́ díẹ̀, wọn á dúró dè yín.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀yin bàbá, ẹ foríjì mí. Ọmọ ò gbọdọ̀ pe ìyá rẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́ láàárín àwùjọ! Ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú á ti dìde kúrò níbẹ̀. Àwọn tó jù ú lọ ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́, Ọ̀yọ́: Pípè yàtọ̀ sí kíkì. «Ìyá mi» ló ṣáájú rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló sì wà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní Yorùbá.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù: Ilé ìwé lẹ ti kọ́ni, sà. Ilé àwọn àgbà lèmi ti gbọ́ tèmi.

Ìbàdàn: Mo ti pa «Ìgbífesókè» rẹ́, «Kíkì Ìyá» ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo kà á sókè níwájú aago pẹ̀lú oríkì orílẹ̀, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Àmín wọn á gba èyí tó kù. Ti Àbẹ̀kẹ́ yẹn, mo máa bi ẹ̀gbọ́n màmá mi ní àṣálẹ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.