Kíbọ́ọ̀dù ìjọ wa ń kùn bí oyin: ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Àyìnlá Wáyà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Adápútà kíbọ́ọ̀dù ìjọ wa jóná lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá fọ́nnu pé n óò ṣe òmíràn kó tó di ọjọ́ Àìkú. Mo ní tiransifọ́mà fóltì 12 nílẹ̀. Mo to dáyóòdù mẹ́rin sí i, mo fi kapasítọ̀ 2200 µF tẹ̀ lé e, mo fi 7812 tó ń mú fóltì dúró lórí 12 parí rẹ̀. Nílé, mítà ka 12 géérégé. Bí wọ́n ṣe so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn lọ́jọ́ Àìkú, hùùùn! Mo yọ ọ́, mo wọ̀n ọ́n, 12 pé. Mo so ó padà, hùùùn. Pásítọ̀ ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ta ló ti kó sí irú èyí rí?

Baba Ìbejì
Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé ìjọ. Tiwa náà kùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú kan. Ìgbà tí a gbé e lọ sẹ́yìn ilé ló dákẹ́.

Àyìnlá Wáyà
Iná ìjọba ni a lò, sà.

Sísí Lẹ́ẹ̀dì
Kapasítọ̀ yín ló kéré, bọ̀dá. Èmi kì í lo ohun tó kéré sí 22000. Ẹ lọ ra ńlá ní Alába, ọ̀rọ̀ parí.

Bàbá Síkóòpù
Ó kù díẹ̀, Sísí. Irú ẹ̀ ti dójú tì mí rí níwájú oníbàárà. Nílé tí Àyìnlá ti wọ̀n ọ́n, kò sí ohun tó ń fa iná, kapasítọ̀ kàn kún síbẹ̀ ni. Tiransifọ́mà 12 yẹn, téńté rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Dáyóòdù méjì ni iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jẹ bíi fóltì kan àbọ̀, ó ku 15.5. Láti téńté kan sí èkejì jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 10. Bí kíbọ́ọ̀dù bá fa áńpíà kan, ìgbì tó máa wà lórí kapasítọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, nìyí:

```
ΔV = I/(2fC) = 1/(2 × 50 × 0.0022) ≈ 4.5 V
```

Ẹ má gba 4.5 yẹn gbọ́ tán. Ó rò pé kapasítọ̀ nìkan ló ń bọ́ kíbọ́ọ̀dù fún gbogbo mílísẹ́kọ́ńdì 10. Ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń gòkè bọ̀, á bá kapasítọ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé téńté, dáyóòdù á sì ṣílẹ̀kùn nígbà tó bá ku igun θ kó dé téńté:

```
cos θ = 1 − ΔV/Vp = 1 − 4.5/15.5,  θ ≈ 45°
```

Ìdá kan nínú mẹ́rin 180° nìyẹn. Mílísẹ́kọ́ńdì 7.5 péré ni kapasítọ̀ fi dá ẹrù náà gbé. Mo fi 7.5 ṣírò padà, ìgbì wá di 3.4, mo tún fi ìyẹn wá igun. Lẹ́yìn ìyípo méjì, ó jókòó sí bíi 3.6 àti 40°. Yọ 3.6 nínú 15.5, ó ku bíi 12. 7812 sì ń fẹ́ bíi 14 kó tó lè tú 12 jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lórí ìyípo iná kọ̀ọ̀kan lọwọ́ rẹ̀ ń já. Òun ni hùùùn yẹn.

Àyìnlá Wáyà
Mo fi mítà sí AC lórí kapasítọ̀ nígbà tó ń kùn. Fóltì 1 ló ka, kì í ṣe 3.6.

Bàbá Síkóòpù
Bó ṣe yẹ kó kà nìyẹn. Mítà kì í ka láti ìsàlẹ̀ dé òkè ìgbì. Fún irú ìgbì eléyín ayùn bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀.

Sísí Lẹ́ẹ̀dì
Ṣebí kapasítọ̀ ńlá náà ló máa wò ó sàn?

Bàbá Síkóòpù
Ó lè wò ó, ṣùgbọ́n ó lówó tí ẹ ó san. Fi 10000 sí i: ìgbì á wálẹ̀ sí 0.9, igun á sún kì sí bíi 19°. Ohun tí kíbọ́ọ̀dù fà ní gbogbo 180° ni dáyóòdù á san padà láàárín 19° yẹn. Ìyẹn ju áńpíà 9 lọ ní ìpíndọ́gba, téńté rẹ̀ lórí ìwé sì lè sún mọ́ 20. Wáyà inú tiransifọ́mà ò ní jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa gbóná fún un.

Sísí Lẹ́ẹ̀dì
Háà. Tèmi máa ń gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e. Ayédèrú ni mo ń pè é láti ọjọ́ yìí! Síbẹ̀, kì í kùn.

Àyìnlá Wáyà
Àbọ̀ rèé. Mo pààrọ̀ sí tiransifọ́mà fóltì 15 àti 4700 µF, mo de páànù aláyà fífẹ̀ mọ́ 7812 nítorí ooru. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ Àìkú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ ní ìsìn alẹ́ Ọjọ́rú, iná wálẹ̀ sí 160, kíbọ́ọ̀dù tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá, ṣé kí n wá tiransifọ́mà 18 ni, àbí kí n ní kí ìjọ ra sítábíláísà?

Bàbá Síkóòpù
Bí iná bá padà sí 220, mélòó ni 7812 yín máa sun dànù lórí 18? Ẹ ṣírò ìyẹn ná kí ẹ tó dá Pásítọ̀ lóhùn.