Àga onítáyà Màmá: oṣù mẹ́tàlá la fi yá a

Àbíkẹ́yìn Màmá, Ṣìkágò:
Ẹ kú ilé o. Kẹ̀kẹ́ arọ Màmá mi ni mo fẹ́ sọ (wọn ò jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀, “àga onítáyà” ni wọ́n ń fẹ́). Lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú wọn, dókítà kọ̀wé àga, iléeṣẹ́ kan gbé e wá. Èmi rò pé Mẹ́díkéà, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, ti rà á tán ni. Àfi bí ìwé owó ṣe ń wọlé lóṣooṣù! Nígbà tó di oṣù kọkànlá, inú bí mi, mo ní kí n dá a padà, kí n lọ ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n fara balẹ̀. Ìgbà tó wá di oṣù kẹrìnlá, awakọ̀ iléeṣẹ́ náà kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wá gbé àga òun. Màmá ti ń gbìyànjú àtidìde fún un. Mo kó àwọn ìwé ìṣirò Mẹ́díkéà jáde, mo fìka tọ ìlà tí wọ́n kọ `K0001`, àmì àga náà, àti `RR`, àmì pé wọ́n yá a ni, sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé mẹ́tàlá. Ó pe ọ́fíìsì rẹ̀, ó ki fóònù sápò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Akọ̀wé Owó:
Ẹ ṣe é dáadáa. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Àga tá a ń fọwọ́ tì, Mẹ́díkéà kì í rà á lẹ́ẹ̀kan náà, yíyá ló ń yá a. Tí owó oṣù mẹ́tàlá bá ti pé, ẹni tó ń lò ó ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká ní 500 dọ́là ni wọ́n dá lé àga náà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 50 dọ́là lóṣù. Oṣù mẹ́wàá tó kù, 37.50 dọ́là. Gbogbo ẹ̀ 525. Ìdá kan nínú márùn-ún ni Màmá máa san, ìyẹn 105 dọ́là, yàtọ̀ sí iye tí kálukú ń kọ́kọ́ san lọ́dún kí Mẹ́díkéà tó dá sí i. Ẹ máa sọ pé àga ṣọ́ọ̀bù ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí táyà bá bẹ́ lásìkò tẹ́ ẹ ṣì ń yá a, iléeṣẹ́ ló máa tún un ṣe. Tó bá ti di tiyín, Mẹ́díkéà á san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó àtúnṣe tó bá pọn dandan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ ni pé, ṣé iye tí Mẹ́díkéà dá lé e ni wọ́n máa gbà? Tí wọn ò bá gbà á, wọ́n lè bu owó tó wù wọ́n lé e.

Àna Rere:
Ẹ má gbàgbé pé tí Màmá bá lọ sí Nàìjíríà ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ, wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oṣù kìíní. Ìdí tí mi ò ṣe jẹ́ kí ìyá ìyàwó mi lọ síbi òkú ẹ̀gbọ́n wọn nìyẹn.

Akọ̀wé Owó:
Áà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ o jàre. Ọgọ́ta ọjọ́ yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ẹni tí kò nílò àga mọ́ ni, tí ara rẹ̀ wá tún yí padà, tí dókítà kọ̀wé tuntun. Ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù, kíkà tiẹ̀ kàn ń dúró dè é ni. Ti ìrìn àjò gan-an, mo ti rí iléeṣẹ́ méjì tí wọ́n ṣe é lọ́nà méjì. Ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn ní kíkọ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Bàbá Ẹlẹ́tí:
Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ṣé ẹ̀rọ etí náà, lẹ́yìn oṣù mẹ́tàlá ló máa di tiwọn?

Akọ̀wé Owó:
Rárá o. Láti 1965 tí òfin Mẹ́díkéà ti wà ni wọ́n ti yọ ẹ̀rọ etí kúrò. Wọ́n lè sanwó àyẹ̀wò láti mọ ohun tó ń ṣe etí, wọn ò ní san ti ẹ̀rọ. Àwọn ètò aládàáni tó ń bójú tó Mẹ́díkéà fúnni, òmíràn nínú wọn máa ń san díẹ̀. Tí àìgbọ́ràn Bàbá ò bá le jù, láti oṣù kẹwàá 2022 wọ́n ti ń ta èyí tí kò nílò ìwé dókítà.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:
Níbí, ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ń fún wa ní ẹ̀rọ etí tiwa, àti bátìrì. Àmọ́ àyálò ni, tiwọn ló ṣì jẹ́. Ìyá mi sọ ọ̀kan nù nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí wọ́n wá san nǹkan.

Ọmọ Bàbá Ẹlẹ́tí:
Ẹ ṣeun. Bàbá mi kan náà ni wọ́n kọ àga fún lọ́dún tó kọjá. Dókítà bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bàbá ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ máa fi lọ, nínú ilé mo ń di ògiri mú.” Ohun tí dókítà kọ sílẹ̀ nìyẹn, ni wọ́n bá kọ̀ ọ́.

Akọ̀wé Owó:
Ọ̀rọ̀ “ilé” yẹn ló pa á. Ìrìn inú ilé ni wọ́n ń wò: ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná, ibùsùn. Ṣé Bàbá ti ṣubú rí?

Ọmọ Bàbá Ẹlẹ́tí:
Ẹ̀ẹ̀mejì ní balùwẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún dókítà. Èmi gan-an, ẹ̀gbẹ́ tó wú ni mo fi mọ̀. A ti padà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún un kọ, a ṣì ń retí èsì.