Ẹ bá mi yẹ lébẹ̀ẹ̀lì ṣin-ṣin mi wò: ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, síbẹ̀ ó jọ pé nǹkan kù

Àbíkẹ́ Oníṣin-ṣin: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń din ṣin-ṣin, ọ̀rá gíráàmù 250. Iwájú ọ̀rá náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13, ó ga tó 20. Mo fẹ́ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n lọ tún lébẹ̀ẹ̀lì ṣe ná. Orúkọ ilé-iṣẹ́ mi ló wà gàdàgbà níwájú, lẹ́yìn náà "Adùn Ilé", "Bọ́tà gidi la fi ṣe é", àwòrán bọ́tà, nọ́ńbà Wasáàpù àti Ínísítágíráàmù. Ẹ̀yìn ni ìtàn ìyá àgbà mi wà, pẹ̀lú "Èròjà: fúláwà, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, mílíìkì, epo, nọ́tímẹ́ẹ̀gì". Ìwọ̀n 250g wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, àwọ̀ góòlù lórí funfun. Kí ni kí n yọ, kí ló kù?

Ṣadé Ìbàdàn: Nọ́ńbà NAFDAC dà? Láìsí ìyẹn, wọn ò ní gbà á. Gààrí tèmi, òun ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Onítẹ̀wé Pẹ́kíámù: Ṣadé, Nàìjíríà nìyẹn. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń ṣe ṣin-ṣin yìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tà á, òfin ibẹ̀ ló kàn án.

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ tẹ lébẹ̀ẹ̀lì náà jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé e sórí pẹpẹ, kí ẹni tí kò rí i rí dúró ní ìgbésẹ̀ méjì sí i. Bí ó bá wò ó fìrí, kí ló sọ pé ó wà nínú ọ̀rá náà? Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín nìkan ló rí, ìṣòro àkọ́kọ́ nìyẹn, torí kò sí ibì kankan níwájú tí ẹ ti kọ "ṣin-ṣin". Orúkọ ilé-iṣẹ́ kì í rọ́pò orúkọ oúnjẹ. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi gbólóhùn kúkúrú kan sí i pé ìyẹ̀fun pípò dídùn tí a dín ni, nítorí oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà pẹ̀lú orúkọ yẹn, kí nọ́ńbà rẹ̀ ga tó mìlímítà 4, ó kéré tán, torí gíráàmù 250 ni. Góòlù lórí funfun máa ń dán lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, kò ṣeé kà.

Ọ̀rọ̀ bọ́tà ló ń ná yín lówó jù. Bí ẹ bá ti fi í yangàn níwájú, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní fúláwà gíráàmù 1000, ṣúgà 250, bọ́tà 200, ẹyin 150 àti mílíìkì 50 lẹ pò, tí ṣin-ṣin tó jáde nínú epo sì wọn 1500. Ẹ pín 200 sí 1500, ó di 13.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n pín in sí ìwọ̀n ohun tí ẹ pò kí ẹ tó dín in, èyí tó jẹ́ 1650, nígbà tó jẹ́ pé omi ti gbẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ ìṣirò yìí, ẹ yọ gbólóhùn yẹn àti àwòrán bọ́tà kúrò. Iwájú á mọ́, ẹ̀yìn náà á fúyẹ́.

Ẹ tún wò ó: bí ìwọ̀n yín bá rí bí àpẹẹrẹ yìí, ṣúgà wúwo ju bọ́tà lọ, òun ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kọ pé fúláwà àlìkámà ni, kí ẹ sì da ohun tí wọ́n fi kún un kọ láti ẹ̀yìn àpò rẹ̀: kálísíọ́ọ̀mù, irin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Epo wo? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Àlìkámà, mílíìkì àti ẹyin gbọ́dọ̀ dúdú ju ìyókù lọ, torí àwọn tí ara wọn kì í gbà á. Ẹ jẹ́ kó hàn pé láti inú mílíìkì ni bọ́tà ti wá.

Ọjọ́ tí yóò dára dé dà, bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀, àdírẹ́sì yín ní Ìlú Ọba? Wasáàpù kì í ṣe àdírẹ́sì.

Kúnlé Ayàwòrán: Ní ti lẹ́tà, mìlímítà 0.9 ti tó. Ẹ lè fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ìtàn ìyá àgbà lè dúró.

Onítẹ̀wé Pẹ́kíámù: Òótọ́ ni 0.9, àmọ́ fún ọ̀rá tí ojú rẹ̀ tó tóbi jù kò tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 80 ni. Tiwọn jẹ́ 260, torí náà 1.2 ni. Ara lẹ́tà x kékeré ni kí ẹ fi rúlà wọ̀n, kì í ṣe lẹ́tà ńlá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà póìǹtì: Áríàlì póìǹtì 7 á kọjá 1.2, Táìmùsì póìǹtì 7 kò ní tó o. Ìtàn yẹn, ẹ gé e sí ìlà méjì.

Ìyá Ìbejì: Tèmi ní àgbọn. Ṣé kí n kọ ọ́ dúdú bíi ẹ̀pà?

Onítẹ̀wé Pẹ́kíámù: Kò sí lára àwọn oúnjẹ mẹ́rìnlá tí ara ẹlòmíràn kì í gbà, tí òfin ibẹ̀ dárúkọ. Ẹ kọ ọ́ sínú èròjà bíi tàwọn yòókù.

Àbíkẹ́ Oníṣin-ṣin: Ẹ ṣé gan-an. Bọ́tà á kúrò níwájú. Tábìlì agbára oúnjẹ ńkọ́?

Kúnlé Ayàwòrán: Oníṣẹ́ kékeré kì í ṣe é.

Onítẹ̀wé Pẹ́kíámù: Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó ń tà fún oníbàárà fúnra wọn, tàbí fún ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, ni òfin yọ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà bá wà ní Mánṣẹ́sítà, mi ò lè bá yín dá a lẹ́jọ́. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó òwò ní káńsù yín kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún lébẹ̀ẹ̀lì.

Àbíkẹ́ Oníṣin-ṣin: Ọ̀kan wà ní Líìdì. Màá kọ̀wé sí wọn.