Ẹ̀yin oníròyìn tẹ́ ẹ ti bo orúkọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ rí, báwo lẹ ṣe kọ ọ́?

Ọmọ Ìpẹru: Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Rẹ́mọ fi fáúṣà hàn mí: wọ́n ti san owó kànga ẹ̀rọ kan tán. Mo débẹ̀, ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀. Ó ní kí n má dárúkọ òun, mo sì gbà. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé "òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣúná", kí wọ́n má rò pé àhesọ ni. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù: Èmi ni wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé ìròyìn nígbà tí mo sọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ọjà ò kí mi mọ́. Ṣé wọ́n lè yọ ọ́?

Báyọ̀: Mà á, tiyín yàtọ̀ o. Ọmọ Ìpẹru, kọ "ẹnìkan tó ṣeé fọkàn tán", ó parí. Ẹni tó bá ti ní ká má dárúkọ òun, ká gbà fún un.

Àgbà Òde: Báyọ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀mí rẹ̀ lè bá a lọ, tó sì ní ohun tó fojú rí láti sọ, la ń bò. Ẹni tó kàn fẹ́ bú ọ̀gá rẹ̀, kó forúkọ ara rẹ̀ bú u. "Tó ṣeé fọkàn tán" yẹn náà, ìwọ lo fọkàn tán an. Kí ni òǹkàwé fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?

Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi nípa oògùn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń tà. Kó tó la ẹnu la ti ṣàdéhùn, mo sì sọ fún un pé olóòtú mi máa mọ orúkọ rẹ̀. Mo bi í pé èèyàn mélòó ló rí ìwé oògùn náà. Ó ní mẹ́ta, òun nìkan ni nọ́ọ̀sì. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa ní ká pè é ní dókítà. Mo kọ̀, irọ́ nìyẹn. Ohun tá a kọ ni "òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà kan tó fojú rí ìwé oògùn, tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ òun". Mo kà á sí i létí kó tó jáde. A ò tẹ fọ́tò ìwé náà, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Èèyàn mélòó ló wà ní ẹ̀ka ìṣúná yẹn?

Ọmọ Ìpẹru: Méjì, sà. Òun àti ọ̀gá rẹ̀.

Àgbà Òde: O rí i! Kọ "òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà tó rí fáúṣà". Má kọ "àwọn òṣìṣẹ́", ẹyọ kan lo bá sọ̀rọ̀. Kó o sì kọ lẹ́tà béèrè ìwé náà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Àmọ́ ìwé gbogbo kànga ọdún yẹn ni kó o béèrè. Bó o bá béèrè ẹyọ kan ṣoṣo, o ti nawọ́ sí ẹni tó fi fáúṣà hàn ọ́ nìyẹn.

Báyọ̀: Tó bá wá jẹ́ pé irọ́ ló pa fún yín ńkọ́, sà? Ẹ máa dárúkọ rẹ̀?

Àgbà Òde: Olóòtú mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ní rárá. A ṣì ń bá ara wa jà lórí ẹ̀.