Àdàkọ, àfetíkọ, àbí ìrọ́pò lẹ́tà? Orúkọ inú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù

Atẹ̀wé Ṣábó, Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Obìnrin ará Rọ́ṣíà kan tó fẹ́ ọmọ Ìkòròdú fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti yunifásítì rẹ̀ tó jẹ́ kìkì lẹ́tà Rọ́ṣíà. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú gbogbo ìwé tí a bá túmọ̀. SOLOVEVA IULIIA ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ọkọ rẹ̀ ń pè é ní Yulia, ìwé ìgbéyàwó wọn sì ní Yulia Solovyova. Èwo ni kí n kọ? Kí sì ni a ń pe iṣẹ́ yìí ní Yorùbá? Mo fẹ́ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé n kò túmọ̀ orúkọ náà.

Bàbá Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ náà wà nílé, a kò ní lọ yá a lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ nínú gírámà. Bí ọ̀rọ̀ bá lè rọ́pò orúkọ, lẹ́tà náà lè rọ́pò lẹ́tà. *Ìrọ́pò lẹ́tà* ni kí o kọ.

Ní ti orúkọ fúnra rẹ̀, Yulia ni kí o kọ káàkiri. Ta ni yóò rí IULIIA tí yóò mọ bí a ṣe ń pè é? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì gbọ́ orúkọ, wọ́n sì kọ Jòhánù, Pétérù, Mósè bí ahọ́n wa ṣe lè gbé e.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Olúwaṣeun ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n OLUWASEUN ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi, kò sí àmì kankan lábẹ́ S. Ìwé ìbúra wo ni mo nílò kí wọ́n lè dá àmì mi padà?

Ará Àgbádárìgì

Níhìn-ín, nítòsí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ojoojúmọ́ la ń rí i. Àwa Ògù tó wà ní Nàìjíríà ń kọ Hunsu, àwọn ẹbí wa ní Bìnẹ̀ ń kọ Hounsou nítorí Faransé. Etí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ẹnìkan bá mi túmọ̀ ìwé àbúrò ìyá mi láti Faransé, ó sì “tún” Hounsou ṣe sí Hunsu kí ó lè bá tèmi mu. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà síbi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó, wọ́n ní ẹni tó ni pásípọ́ọ̀tù kọ́ ló ni ìwé. A san owó ìtumọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, n kò lè fara mọ́ kíkọ tí a ń fi etí kọ.

Ògbufọ̀ Ìgbogbo

Ọmọ mi Atẹ̀wé, ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé iṣẹ́ mẹ́ta lo ń wá orúkọ kan ṣoṣo fún. Yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tó kù yóò rọrùn.

Àkọ́kọ́ kò ju *àdàkọ* lọ. Ìjọba tó fún obìnrin náà ní pásípọ́ọ̀tù ti kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà Látìn. Bó dùn létí, bí kò dùn, kò sí ohun tí ìwọ yóò yí padà níbẹ̀. Wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà, èyí tí ẹ̀rọ ń kà. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ìlà àkọ́kọ́:

```
P<RUSSOLOVEVA<<IULIIA<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<
```

P dúró fún pásípọ́ọ̀tù, RUS fún Rọ́ṣíà. Kò sí àlàfo láàárín RUS àti orúkọ ìdílé, nítorí náà ẹni tó bá ń kánjú lè ka RUSSOLOVEVA. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. SOLOVEVA ni orúkọ ìdílé, àmì méjì tó tẹ̀ lé e ló pààlà sáàárín rẹ̀ àti IULIIA, àwọn àmì tó kù kàn ń kún àyè ni. Ìlà yìí kò gba ohun mìíràn ju A dé Z, nọ́ńbà, àti àmì yẹn. Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, ìdí nìyẹn tí àmì abẹ́ S yín kò fi lè wọ ibẹ̀. Kò sí ìwé ìbúra tó lè gbé e wọlé, orúkọ yín kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí ohun tí Atẹ̀wé ń béèrè.

Ibi tí fọ́tò ti ń tanni jẹ ni IULIIA yìí. I mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, méjì sì fara kan ara wọn. Bí iná fóònù bá tàn sórí ike ojú ewé, II lè di I kan, ó sì lè dà bí U. Ka gbogbo ìlà náà láti òpin dé òpin: 44 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, pẹ̀lú àwọn àmì tó ń kún àyè. Bí o bá ka 43, o ti gbé nǹkan mì. Lẹ́yìn náà, fi wé orúkọ Látìn tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ojú rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá hàn kedere, má ṣe méfò. Ní kí ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí ó má tan iná fóònù, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn.

Má sì jẹ́ kí áàpù tó ń ka pásípọ́ọ̀tù fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Bí ó bá ní nọ́ńbà ìdánwò pé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlà kejì ni àwọn nọ́ńbà ìdánwò wà fún: nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí ìwé yóò kú. Kò sí nọ́ńbà tó ń dán orúkọ wò. Áàpù lè ka IULIA, kí ó ṣì sọ fún ọ pé ohun gbogbo pé.

Iṣẹ́ kejì ni ti Bàbá Olùkọ́, *ìrọ́pò lẹ́tà*, mo sì fara mọ́ orúkọ tí wọ́n fún un. Níbo lo ti máa ṣe é? Nínú ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti yunifásítì, orúkọ mẹ́ta lo máa bá: ti ìdílé, tirẹ̀, àti èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń fà yọ lára orúkọ bàbá. Ká ní Юрьевна ni, ọmọbìnrin Yuri. Pásípọ́ọ̀tù wọn máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n kì í sí nínú orúkọ Látìn. Níbí ni kò ti sí ohun tí o lè dà kọ.

Má wá fi etí kọ Yuryevna. Béèrè lọ́wọ́ pásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ bí ó ṣe ṣe àwọn lẹ́tà yòókù. Юлия di IULIIA, ìyẹn ni pé Ю di IU, Я sì di IA. Соловьёва di SOLOVEVA: ё di E, ь kò di nǹkan kan, ó pòórá. Ìlànà àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé nìyẹn, ó wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Doc 9303. Tẹ̀ lé e, Юрьевна yóò sì di IUREVNA. Ó rí bákan lójú, ṣùgbọ́n inú ìlànà kan náà ni òun àti orúkọ yòókù ti jáde.

Èrè rẹ̀ nìyí. Àwọn ará Rọ́ṣíà sábà máa ń fo àmì kékeré méjì orí ё, tí wọ́n á kọ е lásán. Ìwé ìbí lè ní Соловьёва, kí ti yunifásítì ní Соловьева. Ẹni tó ń fi etí kọ yóò kọ Solovyova sí ọ̀kan, Solovyeva sí èkejì, obìnrin kan á di méjì. Ìrọ́pò lẹ́tà fún ọ ní SOLOVEVA lọ́nà méjèèjì.

Iṣẹ́ kẹta ni mo ń pè ní *àfetíkọ*. Èyí ni ti ìwé ìgbéyàwó: ẹnìkan gbọ́ orúkọ, ó sì kọ ohun tó gbọ́. Má tún un ṣe. Lẹ́tà Látìn ti wà lórí rẹ̀, ìwé tí ẹlòmíràn fọwọ́ sí ni, àtúnṣe rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ. Yulia Solovyova ni kí o dà kọ níbẹ̀, kí o wá ṣàlàyé nísàlẹ̀ pé SOLOVEVA IULIIA ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Kí òun fúnra rẹ̀ lọ búra ní kóòtù pé ẹnìkan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Bi í pẹ̀lú bóyá ó ní pásípọ́ọ̀tù àtijọ́. Wọ́n ti kọ orúkọ yìí ní YULIYA rí, nígbà ayé Sófíẹ́tì sì rèé, lọ́nà Faransé ni, IOULIA. Bí físà rẹ̀ bá wà nínú ti àtijọ́, orúkọ kẹta ti dé nìyẹn.

Bàbá Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́

Mo gba ti àdàkọ. Bí pásípọ́ọ̀tù ọmọ mi bá ní JOHN, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ Jòhánù sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹ ní ь pòórá. Kí ló wá rọ́pò rẹ̀? Ẹ ní lẹ́tà kan, Ю, di méjì. Ìrọ́pò tí mo dá lábàá kò tó o mọ́ lójú mi.

Ará Àgbádárìgì

Bí etí bá ní àfetíkọ, kí ojú náà ní *àfojúkọ*. Ojú rí lẹ́tà, ọwọ́ kọ ọ́, kò bi etí léèrè.

Bàbá Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́

Àfojúkọ? Ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ara pátákó náà ń fi ojú kọ ọ́. Ẹ tún ti da iṣẹ́ kejì pọ̀ mọ́ àkọ́kọ́.

Atẹ̀wé Ṣábó, Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, 44 ló jẹ́. Mo ti kọ èyí sísàlẹ̀: *A da orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹni yìí kọ bí wọ́n ṣe wà ní Látìn nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Orúkọ tó wá láti ara ti bàbá kò sí níbẹ̀ ní Látìn. Ìlànà pásípọ́ọ̀tù kan náà ni a fi rọ́pò lẹ́tà rẹ̀.*

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo wá SOLOVEVA nínú fáìlì mi, kọ̀ǹpútà ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú mi wò ó níbẹ̀. Mo ti yí lẹ́tà kíbọọ̀dù sí ti Rọ́ṣíà, A ìparí sì jẹ́ А tiwọn. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ rárá. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí ojú ewé kan, ibẹ̀ ni mo ti ń gbé e lọ sínú ìwé gbogbo báyìí.

Ó ku ẹyọ kan. Ọkọ rẹ̀ ní kí n yọ IUREVNA kúrò pátápátá, nítorí pé kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù ní Látìn.

Ògbufọ̀ Ìgbogbo

Má yọ ọ́ nínú ìwé ìbí àti ti yunifásítì. Ó wà lórí ìwé tí o ń túmọ̀, o kò lè dákẹ́ lórí rẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí òun fúnra rẹ̀ ń kún, mo ti máa ń fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ògbufọ̀ tó dáńgájíá tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì kò tíì rí ohun tó já a. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ibi tí yóò gbé fọ́ọ̀mù náà lọ kí o tó tẹ̀ ẹ́.