Ìparí ọ̀rọ̀ mi: ibi tí 200,000 náírà gbà lọ

"Mo ta yànmọ̀tí 10,000 dọ́là láti Àpápá. Oníbàárà ti san gbogbo ẹ̀, àmọ́ ìwé mi ní ó ṣì jẹ mí ní 200,000 náírà. Kí ló dé?"

Ohun tí mo bi yín níjọ́sí nìyẹn. Mo ti rí ìdáhùn rẹ̀, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe ìṣirò owó ní Sùúrùlérè ló tú u fún mi. Lóṣù Kọkànlá tí ọjà kúrò, dọ́là kan jẹ́ 1,500, mo sì kọ 15,000,000 sílẹ̀. Wọ́n ní iye tí mo tà á ò ní yí mọ́ láé. Gbèsè tó wà nílẹ̀ ló ń yí. Ní 31 oṣù Kejìlá, dọ́là ti di 1,550. Ó yẹ kí n fi 500,000 kún gbèsè náà, kí n kọ ọ́ sí èrè ọdún yẹn, bí wọn ò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n san, ó jẹ́ 1,480: 10,000 dọ́là tó wọlé jẹ́ 14,800,000 náírà, àdánù 700,000 sì jẹ́ ti ọdún tuntun. Èmi ò kọ ìkankan nínú méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn sì ni 200,000 náà. Bí dọ́là bá ti di òfo nínú ìwé tí náírà ṣì kù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bọ̀dá tó ní ọjọ́ ìsanwó nìkan là ń ṣírò ì bá tọ̀nà ká ní ọdún ò yí láàárín. Màmá tó béèrè ibi tí mo ti ṣẹ́ dọ́là, mi ò tíì ṣẹ́ ẹ. Ó wà ní báǹkì, a ó sì tún un ṣírò ní ìparí ọdún. Owó orí lórí 500,000 yẹn ni ẹ̀gbọ́n ṣì ń bá mi wò.